Ìfiránṣẹ́ Olóró: Bí Kọ́mà Kan Ṣe Ń Dá Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ọ́dà Dúró

Bí èèyàn bá ra bàtà tàbí aṣọ lórí fóònù rẹ̀, tó sì sanwó tán, ó máa ń retí kí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láìpẹ́ pé ilé ìtajà náà ti rí ọ́dà rẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ mìíràn, àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò ní dé. Owó ti kúrò ní báńkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ẹni tó jókòó tì í sì ti gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbòmíràn nínú ìlú kan náà, oníbàárà kẹta ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo léraléra, títí agara fi dá a. Ó jọ pé ọ̀ràn àwọn mẹ́ta yìí ò bára tan rárá, ṣùgbọ́n ohun kan náà lè wà nídìí wọn: ìfiránṣẹ́ kan tó bàjẹ́ ló wà níwájú ìlà, kò ṣeé ṣe, kò sì kúrò lọ́nà. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè é ní ìfiránṣẹ́ olóró.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìfiránṣẹ́ kan ṣe lè ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń dá a mọ̀, àti bí a ṣe ń mú un kúrò láìpa àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lára. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀bi kì í sábà jẹ́ ti ìfiránṣẹ́ náà. Èyí tó bàjẹ́ kò ní ṣàìwá lọ́jọ́ kan. Ètò tí kò ní ọ̀nà láti sọ pé "eléyìí ju agbára mi lọ" lẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀.

Ibi tí ìlà ti wá

Ilé ìtajà orí ayélujára kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń gba ọ́dà, ọ̀kan ń yọ ọjà kúrò nínú ìwé ilé ìkẹ́rùsí, òmíràn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà. Bí èyí tó ń gba ọ́dà bá ní láti dúró de gbogbo àwọn yòókù kó tó dá oníbàárà lóhùn, ìdádúró ọ̀kan á di ìdádúró gbogbo wọn. Nítorí náà, kì í dúró dè wọ́n. Á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìfiránṣẹ́ kékeré kan, á gbé e sórí ìlà, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ètò tó kàn á máa mú ìfiránṣẹ́ láti iwájú ìlà bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Bí ọjà bá tà wìtìwìtì, ìlà á gùn. Bí ọjà bá dákẹ́, ìlà á kúrú. Kò sí ohun tó sọnù.

Oríṣiríṣi irinṣẹ́ ló wà fún irú ìlà yìí. Èyí tí mo máa fi ṣàlàyé ni Kafka, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní ilé iṣẹ́ LinkedIn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì yọ̀ǹda fún gbogbo ayé láti máa lò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2011. Mo mú un nítorí pé ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Kafka máa ń pín ìlà ńlá kan sí ẹ̀ka. Nọ́ńbà oníbàárà ni wọ́n sábà fi ń pinnu ẹ̀ka tí ìfiránṣẹ́ máa bọ́ sí, kí gbogbo ọ̀rọ̀ oníbàárà kan lè máa tò tẹ̀lé ara wọn lójú kan. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí "ó ti sanwó" kò gbọdọ̀ ṣáájú "ó ti fi ọ́dà sílẹ̀." Nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ipò tirẹ̀, olùgbà sì ń kà wọ́n tẹ̀léra láìfo ọ̀kan. Olùgbà ni mo ń pe ètò tó ń mú ìfiránṣẹ́ láti orí ìlà.

Ohun mìíràn tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé Kafka kì í pa ìfiránṣẹ́ rẹ́ nítorí pé olùgbà ti kà á. Orí dísìkì ló ń wà. Olùgbà fúnra rẹ̀ ló ń fi àmì sílẹ̀ pé ibi báyìí ni mo ṣe dé. Bí ó bá dákú, tí wọ́n sì jí i, ibi tí àmì náà wà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ètò yìí dára gan-an, òun ni kì í jẹ́ kí ọ́dà sọnù nígbà tí iná bá lọ. Òun náà ló sì ń sọ ìfiránṣẹ́ kan tó bàjẹ́ di ògiri.

Kọ́mà tó wọ inú iye

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtajà kan ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ìlà wọn ni `oda`, ó ní ẹ̀ka mẹ́ta, 0, 1 àti 2. Olùgbà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ `afiranse`, ẹ̀ka kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni láti ka ọ́dà, kí wọ́n mọ iye owó rẹ̀, kí wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá mú ìdì kan láti orí ìlà, wọ́n máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó sún àmì wọn síwájú.

Ọ̀pọ̀ ọ́dà ń wá láti orí fóònù àwọn oníbàárà, ètò kọ̀ǹpútà ló sì ń kọ iye owó wọn: `12500`, `8000`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan ṣì fẹ́ràn láti pe ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ kan ló ń gba ọ́dà tiwọn, tó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ní aago 9:40 àárọ̀, òṣìṣẹ́ náà tẹ iye owó ọjà kan bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ owó sórí ìwé. Fọ́ọ̀mù náà gbà á, kò bi í léèrè ohunkóhun. Ohun tó bọ́ sórí ẹ̀ka 2, ní ipò 48210, nìyí:

```
{"oda": "B-7731", "onibara": "K-204", "iye": "12,500"}
```

Lójú èèyàn, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ wá wo ìlà kan ṣoṣo nínú ètò olùgbà, níbi tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ inú `iye` di nọ́ńbà:

```
iye = int(ifiranse["iye"])
```

Èdè Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Àṣẹ yìí máa ń gba `12500` láìjanpata, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò fi kọ́mà ṣe. Ó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, olùgbà náà sì dákú:

```
ValueError: invalid literal for int() with base 10: '12,500'
```

Àyíká tí kò lópin

Kò sí ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ tó máa fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ láìní alábòójútó. Alábòójútó náà jẹ́ ètò mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ àwọn tó bá dákú, kó sì jí wọn. Ó rí i pé olùgbà ẹ̀ka 2 ti ṣubú, ó jí i. Olùgbà náà wo àmì rẹ̀, àmì náà wà ní 48201, nítorí ibẹ̀ ni ìdì tó mú kẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí ìdì náà. Ó tún ka 48201, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ka 48202, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 48209. Nígbà tó kan 48210, ó pàdé kọ́mà, ó dákú. Alábòójútó tún jí i.

Ibí yìí ni àlàyé oníbàárà tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ léraléra wà. Ọ́dà mẹ́sàn-án ló wà láàárín àmì náà àti ìfiránṣẹ́ olóró. Bí àyíká kan bá ń gba ìṣẹ́jú kan, tí kò sì sẹ́ni tó fura títí di aago 11:10, ìgbà 90 ni olùgbà ti ṣubú tó sì ti dìde. Oníbàárà mẹ́sàn-án ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ 90 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 810, ilé ìtajà náà sì máa san owó gbogbo wọn fún ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ká ní iṣẹ́ olùgbà náà ni láti yọ owó lápò oníbàárà ni, tí wọn kò sì ṣọ́ ọ kí ó má yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti di ti ọlọ́pàá.

Ní ti àwọn tó wà lẹ́yìn 48210, kò sí ohun tó kàn wọ́n. Ọ́dà wọn pé, iye owó wọn tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí pé nọ́ńbà oníbàárà ló ń pinnu ẹ̀ka, àwọn oníbàárà kan náà ni ìyà yìí ń jẹ láti àárọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo wọn. Bí ọ̀gá bá gbọ́ ẹjọ́, tó sì fi fóònù ara rẹ̀ ra nǹkan láti fi dánwò, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà tirẹ̀ bọ́ sí ẹ̀ka 0. Àtẹ̀jíṣẹ́ á dé wàràwàrà, á sì sọ fún àwọn tó ń pariwo pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ewu kan tún wà tó ju èyí lọ. Nígbà tí olùgbà kan bá kúrò nínú ẹgbẹ́, Kafka kì í jẹ́ kí ẹ̀ka rẹ̀ wà láìní alágbàtọ́. Á pín in fún àwọn tó kù. Olùgbà ẹ̀ka 0 lè gba ẹ̀ka 2 mọ́ tirẹ̀. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ láti 48201, á pàdé 48210, á sì dákú pẹ̀lú ẹ̀ka méjèèjì lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn olùgbà kò ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí ètò kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Bí èyí bá ń yí lọ, àwọn ẹ̀ka tí kò ní àbùkù kankan á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé gbogbo iná ẹ̀rọ lè máa tàn dáadáa. Kafka wà láàyè. Olùgbà wà láàyè, ó kéré tán ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bojú wò ó. Ìlà fúnra rẹ̀ la ní láti bi léèrè:

```
kafka-consumer-groups.sh --bootstrap-server localhost:9092 \
  --describe --group afiranse
```

Ohun tó máa jáde máa jọ èyí, bí a bá yọ àwọn òpó tí kò kàn wá kúrò:

```
TOPIC  PARTITION  CURRENT-OFFSET  LOG-END-OFFSET  LAG
oda    0          51336           51377           41
oda    1          49885           49902           17
oda    2          48201           50913           2712
```

`CURRENT-OFFSET` ni ibi tí àmì olùgbà wà. `LOG-END-OFFSET` ni ibi tí ìlà gùn dé. `LAG` ni iye àwọn tó ń dúró láàárín méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti wò ó. Ìlà tó gùn lásán lè jẹ́ pé ọjà tà gan-an láàárọ̀ yẹn. Ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún pàṣẹ náà. Bí àmì ẹ̀ka 2 bá ṣì wà ní 48201 gérégé, tí òpin ìlà rẹ̀ sì ń sún síwájú, tí àmì àwọn ẹ̀ka yòókù sì ń rìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tiro, nǹkan kan ló ń dí ọ̀nà níbẹ̀.

Ó tún yẹ ká ya ìfiránṣẹ́ olóró sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣòro mìíràn tó fara jọ ọ́. Bí ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bá ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, olùgbà á kùnà bákan náà. Ṣùgbọ́n á kùnà lórí gbogbo ìfiránṣẹ́, ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn kì í ṣe oró; ìdènà tó máa kọjá lọ ni, ohun tó sì yẹ ni ká ní sùúrù ká tún un gbìyànjú. Àmì tí a fi ń mọ olóró ni pé ipò kan náà ni, àṣìṣe kan náà ni, kò sì sí ìgbà tí a gbìyànjú rẹ̀ tí èsì rẹ̀ yàtọ̀. Àní bí a dúró de ọ̀la, kọ́mà ò ní kúrò níbẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń rọ àwọn tó ń kọ ètò pé kí wọ́n jẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn máa dárúkọ ẹ̀ka àti ipò. `ValueError` tí a rí lókè yẹn sọ pé `'12,500'` ni kò yé òun. Kò sọ ibi tó ti rí i. Ẹni tó bá jí láàárín òru láti tún un ṣe á máa wá ìfiránṣẹ́ kan kiri láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Bí a ṣe ń ṣí ọ̀nà

Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé 48210 ni, ohun àkọ́kọ́ ni láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tó pamọ́, torí ọ́dà ẹnì kan ni:

```
kafka-console-consumer.sh --bootstrap-server localhost:9092 \
  --topic oda --partition 2 --offset 48210 --max-messages 1
```

Lẹ́yìn náà, a ó dá gbogbo olùgbà inú ẹgbẹ́ náà dúró, àti alábòójútó tó ń jí wọn. Kafka kò ní gbà kí a sún àmì ẹgbẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni a ó gbé àmì ẹ̀ka 2 kọjá ìfiránṣẹ́ olóró:

```
kafka-consumer-groups.sh --bootstrap-server localhost:9092 \
  --group afiranse --topic oda:2 \
  --reset-offsets --to-offset 48211 --execute
```

Ó dára kí a kọ́kọ́ fi `--dry-run` sí ipò `--execute`, kí a lè rí ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Ọ̀nà kan wà, `--shift-by 1`, tó ń sún àmì síwájú ní ẹsẹ̀ kan, ó sì rọrùn láti rò pé òun ló yẹ. Ṣùgbọ́n 48201 ni àmì wà, kì í ṣe 48210. Bí a bá sún un ní ẹsẹ̀ kan, ọ́dà tí kò ṣẹ̀ la fò, olóró sì wà níbi tó wà. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè máa fo ọ́dà olọ́dà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa yà á lẹ́nu pé ọ̀nà ò ṣí.

Nígbà tí a bá jí àwọn olùgbà, ẹ̀ka 2 á bẹ̀rẹ̀ láti 48211. Àwọn mẹ́sàn-án tó ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ léraléra á sinmi, àwọn tó ń dúró á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiwọn.

Àtúnṣe tó máa pẹ́

Ohun tí a ṣe yìí jẹ́ ti pàjáwìrì. Bí kò bá sí ohun tó yí padà nínú olùgbà, kọ́mà mìíràn ń bọ̀ lọ́nà. Ohun méjì péré ni olùgbà yìí mọ̀: kó ṣe iṣẹ́ náà tán, tàbí kó kú. Ọ̀nà kẹta ló yẹ ká fún un, èyíinì ni pé kó gbé ohun tó bá ju agbára rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì máa lọ:

```
try:
    se(ifiranse)
except ValueError as asise:
    ya_soto(ifiranse, asise)
```

Iṣẹ́ `ya_soto` ni láti gbé ìfiránṣẹ́ náà lọ sórí ìlà mìíràn, ìlà àyàsọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀, ipò rẹ̀, àkókò, àti ohun tó ṣe é. Ìgbà tó bá ti dájú pé ó ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ni olùgbà tó gbọdọ̀ sún àmì rẹ̀ kọjá. Bí ó bá sún àmì ṣáájú, tí iná sì lọ láàárín méjèèjì, ọ́dà náà ti sọnù.

Ẹ kíyè sí i pé `ValueError` nìkan ni a mú. Èyí ni ìpinnu tó gba ọgbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ pé kí ó ya ohunkóhun tó bá kùnà sọ́tọ̀, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bá pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún wákàtí kan, gbogbo ọ́dà wákàtí náà ló máa ṣí lọ sórí ìlà àyàsọ́tọ̀ láìṣẹ̀ láìrò. Fún irú ìkùnà bẹ́ẹ̀, kí olùgbà dúró díẹ̀, kó tún gbìyànjú, kó sì máa fi kún àkókò tó fi ń dúró. Kí ó sì mọ ìwọ̀n: bí a kò bá yí i padà, Kafka máa ń fún olùgbà ní ìṣẹ́jú 5 láti padà wá mú ìdì mìíràn. Bí ó bá dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ láìyọjú, Kafka á kà á sí òkú, á sì fún ẹlòmíràn ní ẹ̀ka rẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ ìlà mìíràn ní ọ̀nà yìí nínú ara wọn. Nínú SQS ti Amazon, a lè sọ iye ìgbà tí wọ́n lè gbé ìfiránṣẹ́ kan fún olùgbà kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sórí ìlà àyàsọ́tọ̀. Láti ẹ̀dà 4.0 ti RabbitMQ, irú ìlà kan tí wọ́n ń pè ní `quorum` máa ń fi 20 ṣe ààlà fún ìgbà tí ìfiránṣẹ́ lè padà wá, àfi bí a bá yí i. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, bí a kò bá tọ́ka ìlà àyàsọ́tọ̀ fún un, ìfiránṣẹ́ tó bá kọjá ààlà máa di àwátì ni. Kafka ní tirẹ̀ fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ olùgbà.

Nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn bá gbára lé e

Yíyà sọ́tọ̀ ní ìnira tirẹ̀. Ẹ rántí pé torí kí ọ̀rọ̀ oníbàárà kan lè tò tẹ̀léra la ṣe ní ẹ̀ka. Ká ní oníbàárà K-204 fi ọ́dà B-7731 sílẹ̀ ní ipò 48210, ó wá fagi lé e ní 48655. Olùgbà ti ya ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Nígbà tó bá dé 48655, ó fẹ́ fagi lé ọ́dà tí kò mọ̀ rí. Bí ìyẹn bá sì kọjá láìsí wàhálà, tí ẹnì kan wá tún kọ́mà ṣe lọ́la, tó dá 48210 padà sórí ìlà, ọ́dà tí oníbàárà ti kọ̀ sílẹ̀ á jí dìde.

Fún iṣẹ́ tí ìtẹ̀léra kò ṣe pàtàkì, bíi kí a kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́, ìpalára rẹ̀ kò pọ̀. Níbi tí owó tàbí ọjà bá wà, ó yẹ kí olùgbà rántí orúkọ oníbàárà tí a ti ya ìfiránṣẹ́ rẹ̀ kan sọ́tọ̀, kó sì máa kó gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e láti ọ̀dọ̀ oníbàárà yẹn nìkan lọ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe tò, títí a ó fi yanjú ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ K-204 á dúró. Àwọn yòókù lórí ẹ̀ka 2 á máa kọjá. Ààlà tó tọ́ fún ìpalára ìfiránṣẹ́ kan nìyẹn: kí ó mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ méje

Bí ìlà bá dí, tí kò sì sẹ́ni tó wò ó, kì í wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Bí wọn kò bá yí i padà, ọjọ́ 7 ni Kafka ń tọ́jú ìfiránṣẹ́, ó sì ń kó wọn dànù lẹ́yìn náà, yálà wọ́n ti kà wọ́n tàbí wọn kò tíì kà wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ilẹ̀kùn nígbà Kérésìmesì, tí kò sì ṣí i títí ọdún tuntun fi wọlé, lè kọjá ìwọ̀n yẹn dáadáa. Nígbà tí Kafka bá ti kó ibi tí àmì olùgbà wà dànù, olùgbà á wá àmì rẹ̀ tì. Bí ètò rẹ̀ bá ṣì wà bí Kafka ṣe ń ṣe é láti ilẹ̀, tí í ṣe `latest`, á fò lọ sí òpin ìlà, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Gbogbo ọ́dà tó ń dúró ló fò yẹn. Ẹni tó bá wo `LAG` lẹ́yìn náà máa rí 0, á sì rò pé ìlà ti tú fúnra rẹ̀.

Ìlà àyàsọ́tọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Òun náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé wọ́n á ṣe ìlà náà, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Ìlà tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò kì í ṣe ibi ìpamọ́, ọ̀nà tí ọ́dà ń gbà sọnù láìpariwo ni. Ó yẹ kí agogo dún nígbà tí ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́ bá bọ́ síbẹ̀, kí ó sì ní ẹni kan pàtó tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹni náà sì tún ohun tó ṣe é ṣe kó tó dá a padà sórí ìlà. Fún ilé ìtajà wa yìí, fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ kọ́mà, olùgbà náà sì lè mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò. Bí a bá dá a padà láìtún nǹkan kan ṣe, orí ìlà àyàsọ́tọ̀ náà ló tún ń bọ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ilé iṣẹ́ ní ohunkóhun. Kí wọ́n tó gbé olùgbà tuntun síta, kí wọ́n fi ìfiránṣẹ́ mẹ́wàá sórí ìlà tí wọ́n fi ń dánwò, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ìkẹta jẹ́, kí wọ́n wá pàṣẹ `--describe`. Bí ìkẹrin dé ìkẹwàá bá kọjá, tí ìkẹta wà lórí ìlà àyàsọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ rẹ̀ lára, tí agogo sì dún, kí wọ́n gbé e síta. Bí àmì bá dúró gbári síwájú ìkẹta, iṣẹ́ kò tíì parí.